Sùdókù Kò Bèèrè Àbá Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Trans-Amadi, tí mi ò sì lè gbà mọ́. Wọ́n ní sùdókù ní ibi tí ọpọlọ ń bá a dé, pé tó bá ti kọjá ibẹ̀, oríire ló kù. “Wò ó títí ojú rẹ kò fi ní rí nǹkan kan mọ́,” ni wọ́n máa ń wí, “lẹ́yìn náà, mú nọ́ńbà kan, gbé e síbẹ̀, kí o wò ó bóyá á jọ.” Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Púpọ̀ nínú wọn ló ń jó irin, tó ń wọn páìpù, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní àwọn ilé-iṣẹ́ àdúgbò náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa gé irin láì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí: ohun tí wọn ò ní ṣe sí irin ni wọ́n ń ṣe sí nọ́ńbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò dá wa dúró sí búkà kan lẹ́bàá Mother Cat ní Port Harcourt. Ọkọ̀ ti dì mọ́ra lójú títì, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń lọ. Ẹ̀gbọ́n kan, ajórin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó ń fi bírò kọ sùdókù. Ó yá lọ́wọ́, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò ó, ó tún wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó kọ 6 sí yàrá kan, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, 3 méjì fojú kan ara wọn nínú òpó kan náà nísàlẹ̀. Ó ju bírò sílẹ̀. “Wọn ò ṣe tòní dáadáa,” ló wí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Ó fún mi. Mo da ìlà mẹ́ta àárín kọ sẹ́yìn rìsíìtì kan, bí wọ́n ṣe wà kí ó tó kọ 6 yẹn. Bí wọ́n ṣe wà nìyí. Àmì tóótóó dúró fún yàrá tó ṣófo:

```
. . 7 | 5 . . | 1 . 4
. . . | 2 8 4 | . . 6
5 6 4 | . 9 . | 2 . .
```

Ìlà kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà sùdókù náà nìyẹn. Àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ti òsì, ti àárín àti ti ọ̀tún, yàrá mẹ́sàn-án nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa mọ òfin rẹ̀: 1 dé 9 gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, nínú òpó kọ̀ọ̀kan àti nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Yàrá mẹ́tàlá ti kún, mẹ́rìnlá ṣófo. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ fi ojú wá a. Kó mú 1, kó béèrè ibi tó máa wọ̀ nínú àpótí àárín: yàrá méjì ló máa rí. Kó mú 6 nínú àpótí kan náà: yàrá méjì. Kó mú 8 nínú àpótí òsì: yàrá méjì. Kó mú 9 nínú àpótí ọ̀tún: yàrá mẹ́ta. Kò sí nọ́ńbà kan tó ní ibùgbé kan ṣoṣo. Ìwòkiri ojú ti kú níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò sì bá Ẹ̀gbọ́n jiyàn lórí ìyẹn.

Ohun tí mo kọ̀ ni èrò pé ìmọ̀ náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìwòkiri ń béèrè: nọ́ńbà yìí, ibo ni yóò gbé? Nígbà tí ìbéèrè yẹn kò bá mú èsì wá mọ́, yí i padà: yàrá yìí, ta ló lè gbé inú rẹ̀? Fi pẹ́ńsù kọ àwọn tó lè gbé ibẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n kéré ní igun yàrá. Olùdíje ni mo ń pè wọ́n.

Bẹ̀rẹ̀ láti yàrá méjì tó wà nínú àpótí àárín ní ìlà kẹrin, èyí tó wà ní òpó karùn-ún àti ìkẹfà. Ìlà wọn ti ní 7, 5, 1 àti 4, àwọn yẹn kò lè wọlé. Àpótí wọn ti ní 2, 8 àti 9, àwọn yẹn náà kò lè wọlé. Kí ló kù nínú mẹ́sàn-án? 3 àti 6 nìkan. Àwọn òpó méjèèjì kò sì tíì ní 3 tàbí 6 lókè tàbí nísàlẹ̀ tó lè bá wa dá ẹjọ́ náà. Nítorí náà, yàrá àkọ́kọ́ jẹ́ 3 tàbí 6, ìkejì náà jẹ́ 3 tàbí 6.

Ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti mú bírò nìyí. Ojú rẹ̀ rí 3 àti 6, ó ní, “Ọ̀kan nínú méjì ni, mo mú 6.” Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan? Ronú nípa takisí Port Harcourt, àwọn aláwọ̀ búlúù àti funfun yẹn. Táyé àti Kẹ́hìndé dé ìdíkọ̀, wọ́n sanwó ìjókòó méjì lẹ́yìn, wọ́n sì lọ ra omi. Ìwọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn kò mọ èwo nínú wọn ni yóò jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ṣé ìyẹn wá sọ pé o lè jókòó sí ọ̀kan nínú ìjókòó méjèèjì? Ó ti tán. Àìmọ̀ rẹ nípa ẹni tó máa jókòó síbi kan kò dín ìmọ̀ rẹ kù pé ìjókòó méjèèjì ti ní olówó.

Bẹ́ẹ̀ ni 3 àti 6 rí. Mo ń pè wọ́n ní ìbejì gbangba, nítorí pé kò sí olùdíje kẹta kankan tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n dúró ní gbangba nínú yàrá méjèèjì. A kò mọ èwo ni 3, a kò mọ èwo ni 6, ṣùgbọ́n a mọ̀ dájú pé 3 ìlà kẹrin àti 6 ìlà kẹrin ti wà nínú yàrá méjì yẹn. Nítorí náà, kò sí yàrá mìíràn nínú ìlà náà tó tún lè jẹ́ 3 tàbí 6. Àṣìṣe tó wà nídìí ìwà àbá nìyí: ó ń fojú wo ìmọ̀ ìlàjì bí ẹni pé kì í ṣe ìmọ̀. Nínú sùdókù, ohun tí a mọ̀ ní ìlàjì nípa yàrá méjì jẹ́ odidi ìmọ̀ fún àwọn aládùúgbò wọn.

Ẹ wo aládùúgbò kan báyìí, yàrá tó wà nínú àpótí ọ̀tún ní ìlà kẹrin, ní òpó kẹjọ. Ìlà rẹ̀ ti ní 7, 5, 1 àti 4. Àpótí rẹ̀ ti ní 6 àti 2 kún un. Olùdíje mẹ́ta ló kù fún un: 3, 8 àti 9. Ìbejì gbangba ti lé 3 kúrò. Ó ku 8 àti 9.

Ẹnìkan lè ní, “Ó dáa, ó ti di méjì, jẹ́ kí n mú ọ̀kan.” Rárá o. Lọ bi àpótí òsì léèrè ọ̀rọ̀ 8. Ìlà karùn-ún ti ní 8 nínú àpótí àárín, nítorí náà 8 àpótí òsì kò lè wà ní ìlà karùn-ún. Ní ìlà kẹfà, yàrá mẹ́ta àpótí òsì ti kún: 5, 6, 4. Ìlà kẹrin nìkan ló kù, yàrá méjì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i, a kò mọ èwo nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá jẹ́, orí ìlà kẹrin ni, ìlà kẹrin kò sì lè ní ju 8 kan lọ. Yàrá méjì yẹn ń nàka gba orí ìlà náà kọjá sí àpótí àárín àti ti ọ̀tún, wọ́n ń sọ pé: ẹ má wá 8 níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè wọ́n ní ìbejì anàka. Yàtọ̀ sí ìbejì gbangba, yàrá méjèèjì lè ní olùdíje mìíràn nínú, àní àwọn wọ̀nyí ní 2, 3 àti 9 pẹ̀lú 8 kí ìbejì gbangba tó lé 3. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé àwọn nìkan ni 8 ní nínú àpótí wọn, wọ́n sì wà lórí ìlà kan náà.

8 ti lọ. 3 ti lọ. Yàrá òpó kẹjọ jẹ́ 9. Bírò lè kọ ọ́ báyìí.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó pe ẹlẹ́rìí kejì. Ìbejì 3 àti 6 yẹn wà lórí ìlà kan, ṣùgbọ́n wọ́n tún wà nínú àpótí kan, nítorí náà wọ́n lágbára níbi méjèèjì. Nínú àpótí àárín, yàrá méjì mìíràn ṣófo ní ìlà kẹfà, olùdíje wọn sì jẹ́ 1, 3 àti 7. Lé 3 kúrò, ó ku 1 àti 7 nínú yàrá méjèèjì: ìbejì gbangba mìíràn ti bí. Ìlà kẹfà ń wá 1, 3, 7 àti 8. Àwọn ìbejì tuntun ti gba 1 àti 7. Nítorí náà yàrá méjì tó gbẹ̀yìn ìlà náà, nínú àpótí ọ̀tún, di 3 àti 8. Ìbejì kẹta nìyẹn. Àwọn náà wà nínú àpótí kan pẹ̀lú yàrá òpó kẹjọ wa, wọ́n sì lé 3 àti 8 kúrò nínú rẹ̀. 9 ló kù. Ọ̀nà méjì tí kò bá ara wọn rìn lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ti pàdé síbi kan náà. Nígbà wo ni àbá ṣe irú èyí rí?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àbá ṣe dípò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ 6 sí òpó karùn-ún, ìyẹn sì sọ ìkejì di 3. Ó ṣeé ṣe kí òdìkejì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nínú gbogbo yàrá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ìlà mẹ́ta yìí, kò sí ẹyọ kan tó máa ké. Tí o bá pààrọ̀ 3 àti 6 wọ̀nyẹn, ìlà kẹrin ṣì pé, àpótí àárín ṣì pé. Inú òpó nìkan ni àṣìṣe náà ti lè farahàn, lókè tàbí nísàlẹ̀, lẹ́yìn tí o bá ti kọ nọ́ńbà púpọ̀ mìíràn lé e lórí. Ìgbà tí 3 méjì bá wá fojú kan ara wọn, ibi tí wọ́n ti pàdé kọ́ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. O kò mọ èyí tí o máa pa rẹ́ àti èyí tí o máa fi sílẹ̀, nítorí pé ohun tí o mọ̀ àti ohun tí o dá lábàá ti wọ bírò kan náà, ojú wọn ti jọra. Ohun tó ń ba ìwé jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ṣe sùdókù.

Mo mọ ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún mi. Wọ́n ní sùdókù tó pé ní ojútùú kan ṣoṣo, nítorí náà tí àbá bá kún títí dópin láìsí ìjà, òótọ́ ni. Mo gbà, ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ń ràn mí lọ́wọ́ ju bó ṣe ń ràn wọ́n lọ. Tí ojútùú bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ó túmọ̀ sí pé àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ ti mọ ohun gbogbo tó kù. Gary McGuire àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin fi kọ̀ǹpútà wádìí rẹ̀, wọ́n sì kéde ní 2012 pé kò sí sùdókù tó lè ní ojútùú kan ṣoṣo tí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá dín sí 17. Nínú yàrá 81, ẹ̀rí 17 lè tó láti ti 64 yòókù mọ́ ibi kan ṣoṣo. Ẹ̀rí náà wà nílẹ̀. Kíkà rẹ̀ ló kù.

Àwọn tó gbé eré yìí kalẹ̀ pàápàá kò fi oríire sí i. Howard Garns, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é tó fi jáde nínú ìwé ìròyìn Dell ní 1979. Ilé-iṣẹ́ Nikoli, tí Maki Kaji jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, gbé e dé Japan ní 1984, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ tí a ń pè é. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè wọn ni pé nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ àpọ́n. Àpọ́n ni gbogbo nọ́ńbà máa jẹ́ níkẹyìn, lóòótọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n tó di àpọ́n, wọ́n máa ń jẹ́ ìbejì fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí kò bá sì ka ìbejì sí kò ní rí àpọ́n.

Àtakò kejì ni pé ọ̀pẹ ló ń kọ nọ́ńbà kéékèèké sí igun yàrá, pé ọ̀ta kò nílò rẹ̀. Láti inú ayò ni a ti mú ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn, ẹ jẹ́ ká lò ó bí ó ti yẹ. Ọ̀ta ayò tí kò ka ọmọ ayò tó wà nínú ilé kan kó tó ta á, ta ló máa pè é ní ọ̀ta? Kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ọmọ ayò wà nínú ọpọ́n, ó ń fojú rí i. Nínú sùdókù, olùdíje kò sí nínú yàrá àyàfi tí o bá kọ ọ́ síbẹ̀. Ìbejì gbangba tí mo fi hàn yìí, ojú lásán kò lè rí i, nítorí pé yàrá tó ṣófo ni méjèèjì. Inú ohun tí a kọ ló ti ń yọjú.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé ọ̀nà yìí kò ní àṣìṣe tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn rí 3 àti 6 nínú yàrá kan, kó sì rí 3, 6 àti 9 nínú ìkejì, kó pè wọ́n ní ìbejì. Wọn kì í ṣe ìbejì. 9 yẹn lè gba yàrá kejì, kí 3 tàbí 6 sì sá lọ síbòmíràn. Èkejì ni ìbejì tí kò gbé ilé kan náà: 3 àti 6 ní ìlà kẹrin, 3 àti 6 ní ìlà kẹsàn-án, tí wọn kò sí nínú òpó kan tàbí àpótí kan. Àwọn yẹn kò lè lé ẹnikẹ́ni. Ní ti ìbejì anàka, ohun tó ń bà á jẹ́ ni yàrá kẹta tí a kò rí. Ká ní yàrá kan ṣófo ní ìlà kẹfà nínú àpótí òsì wa, tí 8 sì lè wọ̀ ọ́, ìka yẹn ì bá ti ká kò lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí ní orísun kan: olùdíje tí a kò kọ, tàbí èyí tó yẹ kí a ti pa rẹ́ tí a kò pa. Nítorí náà, nígbàkígbà tí o bá fi bírò kọ nọ́ńbà kan, lọ pa á rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nínú gbogbo yàrá ìlà, òpó àti àpótí rẹ̀. Tí o bá rí yàrá tí olùdíje rẹ̀ ti tán pátápátá, àmì nìyẹn pé àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe pé wọn ò ṣe sùdókù náà dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ pé ìbejì méjì yìí ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Àwọn sùdókù kan wà tó máa ń béèrè ẹ̀ta dípò èjì, yàrá mẹ́ta tó pín nọ́ńbà mẹ́ta láàrin ara wọn. Àwọn mìíràn le ju ìyẹn lọ, a ní láti tọpa ìlà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí a tó rí ohun kan. Kódà níbẹ̀, ohun tó yẹ ni kí a mú yàrá tó ní olùdíje méjì, kí a fi pẹ́ńsù tẹ̀lé ọ̀kan, kí a fi pẹ́ńsù tẹ̀lé ìkejì náà, kí a wo ibi tí méjèèjì ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà tàbí ibi tí ọ̀kan ti já sí irọ́. Ìwádìí nìyẹn, nítorí pé a gbọ́ ẹnu ọ̀tún, a gbọ́ ẹnu òsì. Àbá ń gbọ́ ẹnu kan ṣoṣo, ó sì ń dájọ́.

Òjò dáwọ́ dúró, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà Slaughter. Ẹ̀gbọ́n ti gba rìsíìtì náà lọ́wọ́ mi, ó ti yá pẹ́ńsù lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta oúnjẹ, ó ń kọ olùdíje sí àwọn igun yàrá. Ó bi mí pé, “Àbúrò, nínú 3 àti 6 yìí, èwo wá ni èwo?” Mo ní a kò tíì mọ̀. Ó wò mí, ó tún wo ìwé náà. A kò mọ̀ ọ́n títí a fi dìde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 9 ti wà ní òpó kẹjọ, bírò ni Ẹ̀gbọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó máa pa á rẹ́.